Kí Ooru Má Ṣe Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Wa Lórí Pápá

Nígbà tí a ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé yìí, mo rò pé àwọn mìíràn yóò kọ ìtàn ọjọ́ àtijọ́ dáadáa jù mí lọ. Nítorí náà ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ pápá eré wa, àti ewu kan tí ń bẹ níbẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin ọdọọdún. Ìgbà náà ni òòrùn ń mú jùlọ, ìgbà náà gan-an ni a sì máa ń múra sílẹ̀ fún eré-ìdárayá ilé-sí-ilé.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣe àlùfáà ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ṣubú níṣojú mi. Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kẹta ni, agogo méjì sì ti kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ náà ti lò nílé nítorí ibà, àná ọjọ́ náà ni ó padà dé. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi ẹlòmíràn rọ́pò òun nínú eré 1500 mítà, olùkọ́ sì gbà kí ó bá àwọn yòókù sá. Ní ìyípo kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn tàgétàgé bí ọ̀mùtí. Ó bì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ dì í mú, ó fi ìbínú tì í dànù, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Ẹnì kan pariwo pé ọ̀lẹ ni, kí ó parí eré rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wó lulẹ̀.

A ṣù bò ó. Ẹnì kan ń da omi sí i lẹ́nu, ẹnì kan ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, àwọn yòókù ń wá ọkọ̀. Èmi kúnlẹ̀, mo ń gbàdúrà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ó lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún lórí ibùsùn, kíndìnrín rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ni pé kànga ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí ibi tí ọmọ náà dùbúlẹ̀ sí ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó rántí pé ohun tí yóò gbà á là wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń bi àwọn oníṣègùn léèrè. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ibi tí ooru náà ti ń wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òòrùn nìkan ni ó ń mú ara ẹni tí ń sáré gbóná. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú iṣan ara ni èyí tí ó pọ̀jù nínú ooru náà ti ń wá. Bí a bá pín agbára tí iṣan ń lò sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan ni ó ń di eré sísá. Ìdá mẹ́ta yòókù ń di ooru, gẹ́gẹ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń gbóná bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ bá ṣe ń sáré kíkankíkan tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé kì í sábà ṣe ọ̀lẹ ni ooru ń kọlù. Ọmọ tí kò fẹ́ dójú ti ilé rẹ̀, tí ara ń sọ fún pé kí ó dúró tí kò sì dúró, òun ni ó wà nínú ewu jùlọ.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ooru náà wá sí awọ ara, òógùn ni ó sì ń gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjáde òógùn ni ó ń mú ara tutù, gbígbẹ rẹ̀ ni. Òógùn tí ó kán sílẹ̀ kò ṣe ara ní àǹfààní kankan; omi ara ni ó kàn ṣòfò. Nítorí náà, ó yẹ kí á wo afẹ́fẹ́ bí a ti ń wo òòrùn. Ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn sì ń tètè gbẹ lára. Ara ń tutù dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ lè má mọ̀ pé omi ń lọ púpọ̀ lára òun, nítorí aṣọ rẹ̀ kò tutù. Nígbà tí ọyẹ́ bá kúrò, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń súnmọ́, afẹ́fẹ́ yóò kún fún ọ̀rinrin nígbà tí òòrùn ṣì ń mú. Òógùn yóò máa ṣàn lára ọmọ bí omi, kò sì ní gbẹ. Ìgbà yìí ni ó léwu jùlọ. Aṣọ tí àwọn ìyá wa sá sórí okùn lè jẹ́ àmì fún olùkọ́: ọjọ́ tí aṣọ kò bá tètè gbẹ, òógùn ọmọ náà kò ní tètè gbẹ.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí ó pa nǹkan mẹ́ta pọ̀. Tẹmómítà kan wà tí a fi aṣọ tútù wé, èyí tí ń fi ọ̀rinrin hàn. Òmíràn wà nínú bọ́ọ̀lù dúdú tí a gbé sínú òòrùn. Ẹ̀kẹta ń wọn afẹ́fẹ́ lásán. Nínú ìdá mẹ́wàá ìṣirò náà, aṣọ tútù ni ó ni méje, bọ́ọ̀lù dúdú ni méjì, afẹ́fẹ́ lásán ni ẹyọ kan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin ṣe wúwo tó! Bí òṣùwọ̀n yìí bá ti kọjá 32, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé Fífà ní kí á dá eré dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìdajì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi kí ara wọn sì tutù. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú Fortaleza ní Bùràsílì ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí Nẹ́dálándì bá Mẹ́síkò gbá bọ́ọ̀lù. Mẹ́síkò ni ó ń ṣíwájú nígbà tí wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kejì. Olùkọ́ àwọn ará Nẹ́dálándì lo ìsinmi náà láti yí ètò àwọn ọmọ rẹ̀ padà, wọ́n sì gbá góòlù méjì wọlé kí eré tó parí. Olùkọ́ tí ó bá ń rò pé ìsinmi omi ń fi àkókò ṣòfò, kí ó rántí èyí.

Omi mélòó ni ó tó?

Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹni tí ó bá mu omi láàárín eré yóò rọ. Àwọn olùkọ́ kan sì máa ń fi àìmu omi jẹ ọmọ níyà. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Bí omi bá ti dín lára, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ọkàn á máa sáré jù, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé ooru wá sí awọ ara kò sì ní tó mọ́.

Ọ̀nà tí ó dájú jùlọ láti mọ ohun tí ọmọ kan nílò ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara. Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọ kan tí ó wọn kílò 50 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan ààbọ̀, ó mu omi inú ọ̀rá kan, èyí tí í ṣe ìdajì lítà, kò sì tọ̀. Nígbà tí ó parí, ó nu ara rẹ̀, ó sì wọn kílò 49. Kílò kan tí ó sọnù jẹ́ lítà omi kan. Bí a bá fi ìdajì lítà tí ó mu kún un, òógùn tí ó jáde lára rẹ̀ jẹ́ lítà kan ààbọ̀. Ọ̀rá kan kò tó o. Bí ó bá mu ọ̀rá méjì nígbà mìíràn, tí ó pín in mu díẹ̀díẹ̀, ìdajì lítà péré ni yóò pàdánù, èyí kò sì ní pa á lára. Ohun tí a kò fẹ́ ni pé kí ọmọ pàdánù ju kílò méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Fún ọmọ yìí, kílò kan ni ààlà náà, ó sì ti dé ibẹ̀. Kí ó tó sùn, ó yẹ kí ó mu ọ̀rá méjì sí mẹ́ta pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé omi pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Bí ọmọ bá wúwo sí i lẹ́yìn eré, omi tí ó mu ti pọ̀jù. Omi àmujù ń fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè mú kí ọpọlọ wú, ó sì ti pa àwọn sárésáré kan rí. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fipá mú ọmọ mu omi. Kí ó fún un láàyè láti mu ún nígbàkúùgbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́.

Ní ti iyọ̀, oúnjẹ wa lójoojúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Fún ẹni tí iṣan máa ń fà nítorí òógùn púpọ̀, a lè po omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí gbogbo ìyá mọ̀: omi inú ọ̀rá méjì, èyí tí ó jẹ́ lítà kan, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Kí á fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kí ó tẹ́jú, nítorí iyọ̀ tí ó pọ̀jù léwu.

Níbi tí kò bá sí òṣùwọ̀n, ìtọ̀ òwúrọ̀ lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá mọ́ bí omi tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí, omi tó lára. Bí ó bá pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, ọmọ náà ti wà nínú gbèsè omi kí ó tó dé pápá.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún èyí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà. Àkókò Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sínú ìgbà eré-ìdárayá wa lọ́dọọdún, ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí sì máa ń bá a pàdé ní àwọn ọdún kan. Ọmọ tí ó ń gbààwẹ̀ láìmu omi kò gbọ́dọ̀ sáré lọ́sàn-án. Kí ó ṣe eré fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó ṣínu, tàbí kí ó jókòó wòran, kí ẹnikẹ́ni má sì gba ipò rẹ̀ nítorí èyí. Ọlọ́run kò béèrè pé kí ọmọ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tán ààwẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ni àwọn ènìyàn kò mọ̀ tó. Omi nìkan kò lè dáàbò bo ọmọ. Ọmọ tí ó mu omi tó lè ṣubú nítorí ooru láàárín ìdajì wákàtí, bí ó bá sáré kíkankíkan lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò tíì mọ ooru lójú.

Ara ní agbára láti kọ́ bí a ti ń fara da ooru, ṣùgbọ́n ó ń gbà á tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Láàárín àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn kò sì ní máa sáré bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, òógùn á máa tètè jáde, á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dín kù. Bí ọmọ bá dá eré dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé ohun tí ó ti kọ́. Nítorí náà, ọmọ tí ó wá láti ìsinmi, tí ó ti ń jókòó nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, àti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, kò lè bá àwọn yòókù ṣe iṣẹ́ kan náà ní ọjọ́ kìíní.

Ètò tí mo dábàá fún ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ eré tó pé. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ogójì ìṣẹ́jú tó, kí eré náà sì rọrùn débi pé ọmọ lè máa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sáré. Ní ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà, kí ó di wákàtí kan. Ní ọjọ́ keje sí ìkẹwàá, kí á fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un, kí eré kíkankíkan sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ lè ṣe gbogbo iṣẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀. Kí ìdánwò eré ìje, nínú èyí tí gbogbo ọmọ máa ń lo gbogbo agbára wọn, má ṣe bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kìíní láéláé.

Òfin mẹ́jọ fún olùkọ́ eré-ìdárayá

1. Kí á má ṣe eré kankan ní gbangba láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Bí ọjọ́ eré bá pé, kí eré ọ̀nà jíjìn jẹ́ ohun àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀.

2. Kí á dúró ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín ogún ìṣẹ́jú, lábẹ́ igi tàbí àgọ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán. Ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, kí ó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

3. Kí omi wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Ọ̀rá mẹ́ta fún ọmọ kan fún wákàtí kan ààbọ̀.

4. Kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ léèrè kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé: ta ni ó ní ibà, ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì láàárín ọ̀sẹ̀ yìí? Ta ni kò jẹun? Ta ni kò sùn? Ẹni tí ó bá dáhùn kò ní sáré lọ́jọ́ náà.

5. Ẹni tí ó bá ti àìsàn dé, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní nínú ètò tí mo sọ lókè.

6. Kí á má ṣe fi eré sísá nínú òòrùn jẹ ẹnikẹ́ni níyà, kí á má sì fi omi du ẹnikẹ́ni.

7. Ọmọ tí ó bá ní òun fẹ́ dúró, kí ó dúró, láìsí yẹ̀yẹ́. Òfin yìí kan gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n ó kan ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS jùlọ, nítorí eré àsápajúdé nínú ooru lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú wọn yí padà lójijì. Ọmọ tí ó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ dé orí ìlà eré ìje láìsí ìwé dókítà.

8. Kí eré má ṣe bẹ̀rẹ̀ bí dúrọ́ọ̀mù omi méjì, kúlà yìnyín kan àti tápólì kan kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìdí òfin yìí ni ó kàn.

Bí ọmọ bá ṣubú

Ooru máa ń kọ́kọ́ fi àmì hàn. Iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti ikùn lè máa fà. Orí lè máa fọ́, òòyì lè máa kọ́ ọmọ, ara rẹ̀ lè rọ, ó sì lè fẹ́ bì, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì mọ ibi tí ó wà. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ tú bàtà àti aṣọ rẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fi omi tútù nù ún lára, ẹ sì fún un ní omi mu. Ó yẹ kí ara rẹ̀ yá láàárín ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí. Bí kò bá yá, ilé ìwòsàn ni.

Ohun tí ó yàtọ̀ pátápátá ni ìkọlù ooru, èyí tí í pa ènìyàn. Ooru inú ara ti kọjá 40, ọpọlọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí dàrú. Ọmọ á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á máa bínú láìnídìí, á máa sọ ìsọkúsọ, gìrì lè mú un, tàbí kí ó má mọ nǹkan kan mọ́. Ẹ má ṣe retí pé kí awọ ara rẹ̀ gbẹ. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí eré ni ó mú ara rẹ̀ gbóná sábà máa ń làágùn síbẹ̀. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé tẹmómítà abẹ́ abíyá tàbí ti iwájú orí. Irọ́ ni wọ́n máa ń pa ní irú àkókò yìí. Èyí tí a ń fi sí ihò ìdí nìkan ni ó ń sọ òtítọ́, nọ́ọ̀sì ni ó sì yẹ kí ó lò ó. Àmì tí olùkọ́ yóò dì mú kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ó ń ṣe eré nínú ooru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀ sì yí padà, ìkọlù ooru ni kí á kà á sí.

Gbogbo ìṣubú kọ́ ni ti ooru. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi rántí ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré ńlá ti Èkó níbi tí a ti ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ni ó ti wú. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni láti wò ó bóyá ẹni tí ó ṣubú ń mí. Bí kò bá mí, àyà rẹ̀ ni kí á máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ kíkankíkan láìdáwọ́dúró, kí ẹlòmíràn sì máa wá ọkọ̀. Bí ó bá ń mí, tí ọpọlọ rẹ̀ sì dàrú, kí á bẹ̀rẹ̀ sí mú ara rẹ̀ tutù lójú ẹsẹ̀.

Bí a óò ti ṣe é nìyí. Ẹ tẹ́ tápólì sílẹ̀ nínú ibòji, ẹ gbé ọmọ náà sí àárín rẹ̀, kí ènìyàn mẹ́fà di etí rẹ̀ mú kí ó gbé omi dúró bí ọpọ́n. Ẹ da omi àti yìnyín lé e lórí títí yóò fi bo àyà rẹ̀, ẹ máa ru omi náà, kí ẹnì kan sì máa gbé orí rẹ̀ sókè kí omi má wọ ẹnu àti imú rẹ̀. Bí kò bá sí yìnyín, omi kànga lásán dára púpọ̀: ẹ máa da garawa lé garawa láìsinmi, kí àwọn mìíràn máa fi aṣọ fẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe da omi sí ẹnu ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, nítorí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní parasítámọ́ọ̀. Oògùn ibà kò ran irú ooru yìí. Ẹ máa bá a lọ títí yóò fi máa sọ ọ̀rọ̀ tí ó yè kooro tàbí tí òtútù yóò fi máa mú un gbọ̀n. Ó sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Nígbà náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí fèrèsé ọkọ̀ wà ní ṣíṣí, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá, nítorí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lè ti fara pa.

Mo mọ̀ pé ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn wa ni láti sáré gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, ìtutù ni ó kọ́kọ́ ń bẹ, ọkọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ìdajì wákàtí ni a ní láti mú ooru náà wálẹ̀ kí ó tó ba inú ara jẹ́, ó sì lè tán nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, eré ìje kan wà tí wọ́n ń sá lọ́dọọdún ní ìlú Falmouth nínú oṣù kẹjọ, ìgbà tí ooru mú níbẹ̀. Láàárín ọdún 18, ènìyàn 274 ni ìkọlù ooru mú níbi eré náà. Inú agbada omi yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìparí ni wọ́n ń gbé wọn sí. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó kú.

Ọmọkùnrin ọjọ́ náà

Bí mo bá fi ohun tí mo mọ̀ nísinsìnyí wo ọjọ́ Sátidé náà, mo rí i pé ibi mẹ́rin ni a ti lè dá ewu náà dúró. Bí ẹnì kan bá ti bi í léèrè nípa ibà rẹ̀, kì bá tí sáré. Bí ó bá jẹ́ agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni eré náà bẹ̀rẹ̀, òòrùn ì bá ti rọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kì bá tí sá ìyípo mẹ́fà. Nígbà tí ó sì ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dànù, tí àwa ń pè é ní ọ̀lẹ, ìgbà náà ni ó yẹ kí á ti máa fa omi. Garawa mẹ́wàá láti inú kànga náà ì bá ti dín ọjọ́ mọ́kàndínlógún rẹ̀ kù púpọ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn àìsàn, ẹ kọ ìwé sí olùkọ́ eré-ìdárayá, kí ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ọmọ láti sọ, nítorí kò ní sọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé a ti ń dá owó jọ fún ife ẹ̀yẹ tuntun fún àjọ̀dún yìí. Ife ẹ̀yẹ dára. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín pé kí á kọ́kọ́ yọ owó dúrọ́ọ̀mù méjì, kúlà ńlá kan, tápólì kan àti òṣùwọ̀n kan kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá kí oṣù kejì tó dé.